Iná tó ń rọ lálẹ́, tó ń ru lóru: ṣé Geregu ni, ṣé táàpù ni, àbí kapásítọ̀?

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, lójú ọ̀nà Kàbà sí Ìsánlú. Tó bá di agogo méje alẹ́, 170 fólítì ni mítà ilé mi ń kọ, fíríìjì kì í gbéra. Tó bá di òru, ó ti di 258, ó sì ti jó tẹlifíṣọ̀n ẹni mẹ́ta. Lọ́dún tó kọjá ni òṣìṣẹ́ iná kan yí táàpù, ìdè tó ń yan fólítì lára tiransifọ́mà wa, láti mẹ́ta sí márùn-ún. Kó tó yí i, 158 là ń rí lálẹ́, 245 lóru. Ẹnì kan ní ká kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ amúnáwá Geregu kí wọ́n gbé iná sókè, ẹlòmíì ní ká tún táàpù yí, ẹnì kẹta ní kí ìlú dáwó ra kapásítọ̀. Èwo ni ká gbé owó wa lé?*

Okun o, akọ̀wé. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹni tó kọ nọ́ńbà sílẹ̀ kó tó bèèrè ọ̀rọ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ fún mi, torí náà ẹ jẹ́ ká ti ibi nọ́ńbà yín bẹ̀rẹ̀. Láti 158 sí 170 lálẹ́, fólítì 12 lẹ jèrè. Láti 245 sí 258 lóru, fólítì 13 lẹ fi san án. Ẹ wá yọ ti alẹ́ kúrò nínú ti òru: nígbà tí táàpù wà ní mẹ́ta, àlàfo jẹ́ 87, nígbà tó di márùn-ún, ó jẹ́ 88. Táàpù gbé gbogbo ìlú sókè bí ìgbà téèyàn gbé àkàbà láti ilẹ̀ lé orí pèpéle. Àkàbà kò gùn sí i, kò sì kúrú. Àlàfo 88 yẹn gan-an ni àìsàn yín, torí fíríìjì tó fẹ́ 230 kò lè fara da nǹkan tó ń fi 88 gòkè sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tá a ń wá ni ohun tó lè dín in kù.

Kó tó di pé a ń lọ, ẹ kọ́kọ́ yẹ ohun kan wò. Bó bá jẹ́ pé ní agogo méje alẹ́ kan náà, ilé kan ń rí 170, aládùúgbò tó wà lórí fésì míì sì ń rí 258, ẹ má ka ìyókù ìwé yìí. Nútírà ló ti já tàbí tó ti jẹrà lórí òpó tàbí nídìí tiransifọ́mà, kí wọ́n wá so ó kíákíá kí ilé tó jó. Àmọ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀ kọ́ lẹ ṣe sọ ọ́. Gbogbo ìlú ló ń rọ pọ̀ lálẹ́, gbogbo ìlú ló ń ru pọ̀ lóru. Ọ̀rọ̀ láìnì nìyẹn.

Agbára méjì ni wáyà ń gbé pọ̀. Ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ tá a fojú rí: ó ń tan gílóòbù, ó ń gbé omi gun táńkì, ó ń mú áyọ́ọ̀nù gbóná. Èkejì ń lọ, ó ń bọ̀, kò sì ṣe iṣẹ́ kankan tí èèyàn lè tọ́ka sí. Ríákítíìfù là ń pè é lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wo onígángan. Kọ̀ǹgọ́ ló ń mú ìró jáde, ṣùgbọ́n apá tó fi ń fún ọ̀sán ìlù ló ń sọ ìró di ọ̀rọ̀. Bó bá fún un, agbára wọlé sínú awọ. Bó bá tú u, awọ dá a padà fún apá. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ìró fífún yẹn láyè ara rẹ̀, síbẹ̀ apá ló ń ro onílù lálẹ́, ìlù tí kò sì rí fífún kò lè fọhùn. Báyìí náà ni súmò tó wà nínú bóhòólù yín. Kó tó lè yí, ó ní láti dá agbára òòfà sílẹ̀ nínú irin rẹ̀, agbára òòfà yẹn sì ń kún, ó ń tú, nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ń yá a lọ́wọ́ láìnì, ó ń dá a padà. Fáànù, fíríìjì, ẹ̀rọ ata, ẹ̀rọ sọ́ọ̀mílì, tiransifọ́mà fúnra rẹ̀, gbogbo wọn ló ń yá. Mítà ilé kì í ka ohun tí wọ́n yá, ṣùgbọ́n wáyà ló ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú láìnì tátí-tírì kan, ìyẹn láìnì 33 kV, tó jọ tiyín: 60 kìlómítà, wáyà alumíníọ̀mù 100 mm². Irú wáyà bẹ́ẹ̀ ń dí kọ́rẹ́ǹtì lọ́nà méjì. Ìdènà tó ń mú un gbóná, R, jẹ́ nǹkan bí 18 óòmù lórí gbogbo gígùn rẹ̀. Èyí tó wá láti inú òòfà tó yí wáyà ká, X, jẹ́ nǹkan bí 24 óòmù. Ní agogo méje alẹ́, àwọn ìlú tó wà ní ìparí láìnì náà ń gba 4 MW fún iṣẹ́, wọ́n sì ń yá 3 MVAr ríákítíìfù. Sọbusitéṣọ̀n ń fi 33 kV ránṣẹ́. Mélòó ló máa dé? P ni agbára iṣẹ́, Q ni ríákítíìfù, V ni fólítéèjì tó dé, ΔV ni èyí tó sọnù lójú ọ̀nà:

```
ΔV ≈ (P×R + Q×X) / V
   = (4×18 + 3×24) / 27.8
   = (72 + 72) / 27.8 ≈ 5.2 kV
33 − 5.2 = 27.8 kV
```

Ẹ tún 72 méjèèjì yẹn wò. Ìdajì ohun tó sọnù lójú ọ̀nà, agbára tó ń ṣiṣẹ́ ló fà á. Ìdajì kejì, agbára tó kàn ń lọ tó ń bọ̀ ló fà á. Ìdajì kejì yẹn ni owó yín lè rà padà.

Lóru, tí sọ́ọ̀mílì ti pa, tí súmò ti pa, ó ku 0.8 MW àti 0.4 MVAr péré, ohun tó ń sọnù kò ju 0.7 kV lọ. Iná tó ń wọlé sí sọbusitéṣọ̀n pẹ̀lú a sì máa ru lóru, ká ní ó fi 34.4 kV ránṣẹ́, 33.7 ló máa dé. Tiransifọ́mà yín, pẹ̀lú táàpù ní márùn-ún, á sọ 27.8 yẹn di nǹkan bíi 213 fólítì lálẹ́, á sì sọ 33.7 di 258 lóru. 258 tí ẹ kọ nìyẹn. Láti 213 sí 170 tí ẹ ń rí nílé, fólítì 43 ti sọnù sínú tiransifọ́mà fúnra rẹ̀ àti sórí wáyà àdúgbò. Mo máa padà sórí 43 yẹn, torí wọ́n máa ń gbàgbé rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ta kapásítọ̀ fún ìlú.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní kẹ́ ẹ kọ̀wé sí Geregu. Kò sọ ìsọkúsọ. Jẹnẹrétọ̀ ni orísun ríákítíìfù tó dára jù lọ lágbo yìí. Láàárín ẹ̀rọ náà ni irin ńlá kan ń yí, a wé wáyà mọ́ ọn lára, a sì ń fi kọ́rẹ́ǹtì tí kì í yí padà bọ́ ọ kó lè di òòfà. Bíbọ́ tá a ń bọ́ ọ yẹn ni à ń pè ní ẹ̀sàítéṣọ̀n. Bí wọ́n bá fi kún kọ́rẹ́ǹtì yẹn, jẹnẹrétọ̀ á máa tú ríákítíìfù sórí láìnì, fólítéèjì á gòkè. Bí wọ́n bá dín in kù, jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀ á máa gbé ríákítíìfù mì, fólítéèjì á sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rọ aládàáṣe ló ń ṣe é, ó sì ń dáhùn kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Kò ní ìpele bíi ti táàpù, ẹ̀rọ kan náà ló sì ń fúnni tó tún ń gbà. Ààlà wà fún un ṣá. Bó bá fúnni jù, wáyà ara irin tó ń yí yẹn á gbóná. Bó bá gbà jù, etí irin tó dúró lẹ́yìn á gbóná, òòfà tó so jẹnẹrétọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì rọ̀ débi pé ó lè já kúrò nínú ijó.

Ọ̀nà tó jìn ló ba ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ fún yín. Láti Geregu ní Ajaokuta, iná bọ́ sórí 330 kV, ó kọjá tiransifọ́mà tó sọ ọ́ di 132, ó kọjá òmíràn tó sọ ọ́ di 33, ó wá rin 60 kìlómítà. Lórí láìnì 330 àti nínú àwọn tiransifọ́mà ńlá yẹn, X ju R lọ fíìfíì. Ẹ padà sí ìṣirò òkè: bí X bá tóbi, Q×X á tóbi, èyí tó túmọ̀ sí pé fífi ríákítíìfù ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń jẹ fólítéèjì lójú ọ̀nà. Bí ẹni ń fi agbọ̀n gbé omi láti Ajaokuta wá bomi rin oko ní Ìsánlú.

Ká tiẹ̀ ní wọ́n gba lẹ́tà yín, wọ́n sì gbé fólítéèjì sókè díẹ̀. Àwọn tiransifọ́mà ńlá tó wà lágbedeméjì ní táàpù tó ń yí pẹ̀lú iná lórí. Níbi tó bá jẹ́ aládàáṣe, ó ti ní nọ́ńbà tí wọ́n sọ fún un pé kó máa pa mọ́. Á rí i pé 33 rẹ̀ ti ga jù, á dúró díẹ̀, á yí ìpele kan sísàlẹ̀, ohun tí Geregu ṣe á pòórá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Níbi tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i, á dé ọ̀dọ̀ yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n á dé lálẹ́, á tún dé lóru. Àlàfo 88 ò ní mì. Ẹ fi owó bébà lẹ́tà yẹn ra biro.

Ti táàpù wá kù. Irú méjì ló wà, àwọn èèyàn sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Èyí tó wà lára tiransifọ́mà àdúgbò yín jẹ́ ìdè kékeré kan tó ní ìdérí, tí wọ́n fín nọ́ńbà 1 sí 5 sí lára. Bẹ́ ẹ bá ka pátákó irin tó wà lára tiransifọ́mà 33, ẹ ó rí ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí: 34650, 33825, 33000, 32175, 31350. Fólítì tí tiransifọ́mà ń retí láti ẹ̀yìn nìyẹn, kó tó lè mú 415 jáde. Nígbà tí ọmọkùnrin yẹn yí i sí márùn-ún, ńṣe ló sọ fún tiransifọ́mà pé, "Má retí ju 31350 lọ." Bí 33700 bá wá dé lóru, gbogbo àjẹṣẹ́kù yẹn ló ń bọ́ sínú tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe ìdè tí wọ́n ń yí tòru-tọ̀sán o. Wọ́n gbọ́dọ̀ pa iná lókè àti nísàlẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, torí bí wọ́n bá yí i pẹ̀lú iná lórí, iná á fò láàárín ojúkò méjì, á sì jó o. Mo ti rí tiransifọ́mà tí epo inú rẹ̀ dúdú bí epo ẹ́ńjìnnì láti ibi ìwà bẹ́ẹ̀.

Irú kejì ni ti sọbusitéṣọ̀n, tó ń yí nígbà tí iná ń lọ, ìpele rẹ̀ sì kéré, bíi 1.25 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lára ọ̀pọ̀ wọn. Èyí lè dín àlàfo kù ní tòótọ́ bí òṣìṣẹ́ bá ń yí i sókè lálẹ́ tó sì ń yí i sísàlẹ̀ lóru. Bí wọ́n bá gbé 33 dé 34.65 ní agogo méje alẹ́, ìṣirò kan náà fi hàn pé 29.8 á dé ọ̀dọ̀ yín dípò 27.8. Ó dáa. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé lẹ́nu ọ̀nà sọbusitéṣọ̀n, tí táàpù tiwọn wà ní mẹ́ta, á máa rí 252 kí ẹ̀yin lè rí iná tó jọ iná. Wọ́n á pariwo, òṣìṣẹ́ á sì dá a padà. Mo ti jókòó sórí àga òṣìṣẹ́ yẹn rí, mo mọ ẹni tí fóònù rẹ̀ ń kọ́kọ́ dún.

Ohun kan wà tí táàpù méjèèjì kò lè ṣe láé: wọn kò lè dá ẹyọ ríákítíìfù kan sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbé fólítéèjì yín sókè, gílóòbù àti fáànù á gba agbára sí i, wọ́n á sì fà á láti òkè. Bí òkè bá ní in lọ́pọ̀, kò burú. Bí òkè náà bá ń rọ, táàpù ń fa ohun tí kò sí, fólítéèjì òkè á túbọ̀ rọ, táàpù míì á rí i pé ó rọ, òun náà á yí sókè láti fà. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ibi ṣe ń wó lulẹ̀ pátápátá lórí gíríìdì, táàpù tó rò pé òun ń ṣe ìrànlọ́wọ́ ló ń ti ìlú sí kòtò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti ẹ̀rọ aládàáṣe táàpù pa nígbà tí fólítéèjì òkè bá ti rọ kọjá ààlà kan.

Kapásítọ̀ yàtọ̀. Ìgbà tí mọ́tò bá ń yá ni kapásítọ̀ ń tú, ìgbà tí mọ́tò bá ń dá padà ni kapásítọ̀ ń gbà. Àwọn méjèèjì á wá máa yá ara wọn nítòsí, láìnì 60 kìlómítà ò ní gbé e mọ́. Ká ní wọ́n so kapásítọ̀ tí wọ́n kọ 3 MVAr sí lára mọ́ ìparí láìnì yín. Ẹni tó bá ń tà á á sọ pé 3 lẹ máa gbà. Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ohun tí kapásítọ̀ ń fúnni ń tẹ̀lé fólítéèjì lọ́nà méjì, bí fólítéèjì bá jẹ́ 0.9, 0.81 ni tirẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ nílò rẹ̀ jù ni kì í pé. Bí fólítéèjì yín bá wà ní 30 kV, 2.5 ló máa fún yín. Ẹ fi í sínú ìṣirò:

```
Q = 3 − 2.5 = 0.5 MVAr
ΔV ≈ (4×18 + 0.5×24) / 30.2 ≈ 2.8 kV
33 − 2.8 = 30.2 kV
```

Láti 27.8 sí 30.2, láìfọwọ́ kan sọbusitéṣọ̀n, láìpa ẹni tó ń gbé lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lára. Kọ́rẹ́ǹtì orí wáyà á já wálẹ̀ láti nǹkan bí 104 áńpíà sí 77, ooru tí láìnì ń jù dànù á sì dín láti bíi 584 kW sí 320 kW. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tẹ́ ẹ máa fi bá ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná sọ̀rọ̀, 264 kW yẹn ni. Agbára tí wọ́n ti rà, tí wọn ò rí tà ni.

Mo wá fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibi tó ń yí sódì. Ìlú kan wà tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n so kapásítọ̀ mọ́ láìnì wọn láìsí súìṣì tó ń dá ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ayẹyẹ ni, alẹ́ dùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan iná lọ. Ó padà dé ní agogo méjì òru, nígbà tí gbogbo ayé ti pa nǹkan wọn. Kapásítọ̀ ṣì wà lórí láìnì, kò sí mọ́tò tó máa gba ohun tó ń tú, ló bá ń ti ríákítíìfù padà sókè. Ẹ fi ti láìnì yín dán an wò, pẹ̀lú táàpù ní márùn-ún àti 34.4 láti sọbusitéṣọ̀n: Q ti di ohun tí a yọ dípò ohun tí a rò pọ̀, 36.1 kV ló máa wà lọ́dọ̀ yín, ó ju ti sọbusitéṣọ̀n lọ. Nínú ilé, nǹkan bíi 276 fólítì. Ní ìlú yẹn, gílóòbù ń bú gbàù láti ilé dé ilé bí àgbàdo nínú ìkòkò. Lọ́jọ́ kejì wọ́n yọ fíyúùsì kapásítọ̀, kò tún padà sórí mọ́. Ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn, ẹyẹ ti kọ́lé sí i.

Bẹ́ ẹ bá máa gba kapásítọ̀, nítorí náà, ẹ má gba ẹyọ 3 kan. Ẹ ní kó jẹ́ 1.5 lọ́nà méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní súìṣì tirẹ̀. Gbígbé 1.5 wọlé lẹ́ẹ̀kan ń gbé fólítéèjì sókè ní nǹkan bí 1.1 kV, ojú lè rí i lára gílóòbù ṣùgbọ́n kò ní pa nǹkan. Fólítéèjì ni kó máa darí súìṣì náà: kó wọlé bó bá rọ, kó jáde bó bá ru. Ó tún gbọ́dọ̀ jáde fúnra rẹ̀ nígbàkigbà tí iná bá lọ, kó sì dúró kó tó padà wọlé, torí kapásítọ̀ tí a já ṣì ní iná nínú. Ìlànà àgbáyé fún irú èyí fún un ní ìṣẹ́jú 10 láti sọ̀ kalẹ̀ sí 75 fólítì. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ṣáájú ìgbà yẹn torí pé "wọ́n ti mú iná lọ" lè má délé. Kódà lẹ́yìn ìgbà yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ fi wáyà so ó mọ́ ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ ọn.

Ẹnì kan tún lè bá yín sọ̀rọ̀ ríákítọ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé ríákítíìfù mì, pé òun ló ń wo fólítì òru sàn. Òtítọ́ ni, níbòmíràn. Láìnì 330 kV tó gùn jẹ́ kapásítọ̀ fúnra rẹ̀: láìnì Jẹ́bà sí Òṣogbo jẹ́ 157 kìlómítà, òun nìkan ń tú ríákítíìfù tó sún mọ́ 60 MVAr, bí agbára iṣẹ́ tó ń gbé bá sì kéré lóru, fólítéèjì á ru débi tí wọ́n á fi so ríákítọ̀ mọ́ ọn kó gbé e mì, tàbí kí wọ́n dín ẹ̀sàítéṣọ̀n àwọn jẹnẹrétọ̀ kù. Láìnì 33 kV tiyín, pẹ̀lú gbogbo 60 kìlómítà rẹ̀, ohun tó ń tú kò ju nǹkan bí 0.2 lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ríákítọ̀ fún yín.

Mo wá kó wọn jọ fún láìnì yìí. Bí sọbusitéṣọ̀n bá lè pa 34 kV mọ́ lálẹ́ àti lóru, tí kapásítọ̀ méjèèjì wọlé lálẹ́ tí wọ́n sì jáde lóru, 31.5 á dé lálẹ́, 33.3 lóru. Ẹ dá táàpù tiransifọ́mà padà sí mẹ́ta: 229 fólítì lálẹ́, 242 lóru, lẹ́nu tiransifọ́mà. Àlàfo tó jẹ́ 45 lẹ́nu tiransifọ́mà tẹ́lẹ̀ ti di 13. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀: jẹnẹrétọ̀ ń di 330 mú, táàpù sọbusitéṣọ̀n ń di 34 mú, kapásítọ̀ ń bọ́ mọ́tò yín nílé.

Ṣùgbọ́n 43 fólítì tó ń sọnù láàárín tiransifọ́mà àti ilé yín ṣì wà níbẹ̀. Ó lè dín díẹ̀, kò ní tán. Kapásítọ̀ orí tátí-tírì kò lè kàn án. Wáyà àdúgbò tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù tàbí tó gùn jù ló ń jẹ ẹ́, tàbí kó jẹ́ pé fésì kan ṣoṣo ni ìdajì ìlú so mọ́. Pínpín ilé káàkiri fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gba owó púpọ̀, òun ni mo sì máa kọ́kọ́ ṣe. Sọ́ọ̀mílì yín náà lè fi kapásítọ̀ kékeré sí ara mọ́tò rẹ̀, kó máa wọlé kó sì máa jáde pẹ̀lú mọ́tò náà. Ìyẹn dín ohun tó ń gba wáyà àdúgbò kù, kò sì lè gbàgbé ara rẹ̀ sórí láìnì lóru.

Torí náà ẹ má tíì dáwó. Fún ọjọ́ méje, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan kọ fólítì sílẹ̀ ní agogo méje alẹ́ àti agogo kan òru, ní ilé tó sún mọ́ tiransifọ́mà jù àti ní ilé tó jìnnà jù, fésì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí ilé tó sún mọ́ tiransifọ́mà bá ń rí ju 225 lọ lálẹ́, iṣẹ́ yín wà lórí wáyà àdúgbò, kì í ṣe ti kapásítọ̀. Bó bá ń rí bíi 210, ẹ gbé ìwé yẹn lọ bá ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná, ẹ ní kí wọ́n wá fi ẹ̀rọ wọn wọn MW àti MVAr láìnì náà lálẹ́ kan. Àwọn nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti so ohunkóhun mọ́ tátí-tírì. Bó bá wá di ọ̀rọ̀ pé kí ìlú ṣáájú san owó, kí ó wà nínú ìwé bí wọ́n ṣe máa dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ihò òpó. Ní ti táàpù márùn-ún yẹn, ẹ ní kí wọ́n dá a padà sí mẹ́rin lọ́sẹ̀ yìí, pẹ̀lú iná ní pípa. Alẹ́ á fi bíi fólítì mẹ́fà rọ sí i. Ẹni mẹ́ta tí tẹlifíṣọ̀n wọn jó ò ní bínú sí i.